Ohùn tó dí, ohùn tó ń lọ sókè sódò: bí a ṣe ń tún máìkì hẹ́dísẹ́ẹ̀tì aláìlókùn ṣe fún ìpè fídíò

Ẹ̀sùn méjì ni wọ́n sábà máa ń fi kan ẹni tó ń fi hẹ́dísẹ́ẹ̀tì aláìlókùn ṣe ìpàdé orí fídíò. Èkínní: "Ohùn yín dí, bíi pé ẹ fi aṣọ bo ẹnu." Èkejì: "Ẹ̀ ń lọ, ẹ̀ ń bọ̀. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo tán, a ò tún gbọ́ yín mọ́." Méjèèjì máa ń wọ́ pọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi kà wọ́n sí àìsàn kan ṣoṣo, tí wọ́n á sì máa wá oògùn kan ṣoṣo fún un. Wọn á fa ìwọ̀n ohùn máìkì dé òpin, wọn á sì rí i pé ohùn tó dí ṣì dí, àfi pé ó wá ń pariwo.

Ọ̀tọ̀ ni orísun àwọn méjèèjì. Ohùn tó dí sábà máa ń wá láti inú ìsopọ̀ Bluetooth tó wà láàárín hẹ́dísẹ́ẹ̀tì àti kọ̀ǹpútà. Ohùn tó ń lọ sókè sódò ní tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́ iṣẹ́ àwọn ètò tó ń wọn ohùn fúnra wọn, pàápàá nígbà tí méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn bá ń ṣe iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ohùn yín ti ń bàjẹ́.

Ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀

Ẹ má ṣe èyí nínú áàpù ìpàdé. Ẹ ṣí áàpù agbohùnsílẹ̀ tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ìyẹn Sound Recorder lórí Windows tàbí Voice Memos lórí Mac, kí ẹ sì yan máìkì hẹ́dísẹ́ẹ̀tì náà fún un. Ẹ ka oókan dé ẹẹ́wàá ní ohùn tí ẹ fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, láì gbé ohùn sókè, láì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ dákẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti oókànlá dé ogún, kí ẹ máa yí orí díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì bí ẹ ti ń kà á. Lẹ́yìn náà, ẹ pe àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta: fẹ́, sẹ́, ṣẹ́.

Kí ẹ tó gbọ́ ọ, ẹ ti agbohùnsílẹ̀ náà pa tàbí kí ẹ dá a dúró, kí ẹ sì fi sípíkà kọ̀ǹpútà tàbí yápíìsì olókùn gbọ́ ọ. Ìdí tó fi ṣe pàtàkì nìyí: níwọ̀n ìgbà tí máìkì hẹ́dísẹ́ẹ̀tì bá ṣì wà ní ṣíṣí, ohun tí ẹ ń gbọ́ nínú rẹ̀ náà á ti dí, ẹ ò sì ní mọ èwo ni àléébù ohùn yín, èwo ni ti etí yín.

Ẹ wá fetí sílẹ̀ fún àwọn nǹkan wọ̀nyí. Bí "fẹ́" àti "sẹ́" bá dún bákan náà, tí "ṣẹ́" nìkan sì dá yàtọ̀, ìsopọ̀ ló ń gé ohùn yín kúrú. Bí ariwo yàrá bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lásìkò tí ẹ dákẹ́, tí "oókànlá" sì bú jáde ju gbogbo nọ́ńbà yòókù lọ kó tó rọlẹ̀, ètò kan ló ń wọn ohùn fúnra rẹ̀. Bí ìparí ọ̀rọ̀ bá ń pòórá, tí a gbọ́ "ẹẹ́rin" bí "ẹẹ́r", ètò tó ń pa ariwo ló ń gé e mọ́ ariwo. Bí ohùn bá ń rọlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí orí yí sí apá kan, ibi tí máìkì wà ni kí ẹ wò, tàbí kẹ̀, máìkì tí ẹ rò pé ẹ̀ ń lò kọ́ ni ẹ̀ ń lò. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ń já, tó ń dún bí ti ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ tó gbé Bluetooth ló ní ìdènà.

Bí ohùn inú agbohùnsílẹ̀ bá dára pátápátá, ẹ tún ṣe ìdánwò kan náà nínú áàpù ìpàdé fúnra rẹ̀. Zoom ní ibi ìdánwò máìkì nínú ètò ohùn rẹ̀, Teams sì ní `Make a test call`. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ló ti bàjẹ́, ẹ fo gbogbo ọ̀rọ̀ Bluetooth tó wà nísàlẹ̀ yìí, kí ẹ lọ tààrà sí apá tó sọ nípa ohùn tó ń lọ sókè sódò.

Máìkì wo ni ẹ̀ ń lò gan-an?

Ìbéèrè yìí lè dà bí ti ọmọdé, àmọ́ òun ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Áàpù ìpàdé lè máa gba ohùn láti ara máìkì kọ̀ǹpútà nígbà tí hẹ́dísẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́ nínú etí yín, kò sì sí ohun tó máa sọ fún yín. Ẹ fi èékánná ha ara máìkì hẹ́dísẹ́ẹ̀tì náà díẹ̀ nígbà tí ẹ ń gba ohùn sílẹ̀. Bí ìró híha yẹn bá wọlé gbàgàdà, òun ni ẹ̀ ń lò. Bó bá wọlé láti òkèèrè, ẹ ha ara kọ̀ǹpútà náà wò.

Ẹ má fi yíyàn náà sílẹ̀ sórí "Same as System" tàbí "Default". Ẹ dárúkọ máìkì náà fún áàpù ní pàtó. "Default" máa ń yí padà nígbà tí hẹ́dísẹ́ẹ̀tì bá já tó sì tún so, ẹ sì lè wà láàárín ìpàdé nígbà náà.

Ẹnu àti ihò máìkì

Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì tó ní apá máìkì tó nà síwájú: ẹ fi máìkì náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ní ìwọ̀n ìka méjì sí igun ètè, kó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ẹnu kí èémí má baà fẹ́ lù ú. Bí ó bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, ìwọ̀n ohùn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta péré tó kúrò ní ibi tó yẹ lè mú ohùn yín rọlẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn apá máìkì yìí ní ihò méjì, ọ̀kan kọjú sí ẹnu, èkejì kọjú síta. Ẹ̀rọ náà ń fi ohun tó wọ ihò kejì mọ ariwo tó yẹ kó pa. Bí ẹ bá yí apá máìkì náà lọ́rùn, tàbí tí ẹ gbé e sókè sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ohùn yín á wọ ihò méjèèjì bákan náà, ẹ̀rọ á sì kà yín kún ariwo. Ohùn tó ń pòórá tó tún ń padà bọ̀ bí ẹ ti ń mi orí sábà máa ń jẹ́ èyí. Ẹ wá àmì kékeré tàbí ihò tó wà lápá inú, kí ẹ sì yí i kọjú sí ètè.

Ti àwọn kékeré tí a ń kì bọ etí yàtọ̀. Ihò máìkì wọn wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá kékeré náà, tàbí lára rẹ̀ lápá òde. Irun, ìborùn àti ọrùn aṣọ ló máa ń bò ó. Ìdọ̀tí náà ń dí i. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ tó sì gbẹ gbá a, kí ihò náà kọjú sílẹ̀ kí ìdọ̀tí lè jábọ́. Ẹ má ti abẹ́rẹ́ tàbí pínnì bọ̀ ọ́, nítorí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kò ní ṣeé tún ṣe mọ́ bó bá lu. Bí máìkì bá ní fóòmù, tí fóòmù náà ti gbó tàbí tó tutù, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tún gba ohùn sílẹ̀. Tí ohùn bá mọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ti rí ọ̀tá yín.

Ìdí tí ohùn fi ń dí

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀nà méjì ni Bluetooth àtijọ́, tí ọ̀pọ̀ hẹ́dísẹ́ẹ̀tì ṣì ń lò, fi ń gbé ohùn. Ọ̀nà kan wà fún orin, ó fẹ̀, ó mọ́, àmọ́ apá kan ṣoṣo ló ń lọ: láti kọ̀ǹpútà sí etí. Kò ní ààyè fún máìkì rárá. Ọ̀nà kejì wà fún ìpè, òun ń lọ ó sì ń bọ̀, ṣùgbọ́n ó há. Ní kété tí áàpù kan bá ṣí máìkì hẹ́dísẹ́ẹ̀tì, ìsopọ̀ á fi ọ̀nà orin sílẹ̀, á bọ́ sí ọ̀nà ìpè. Ìdí nìyẹn tí orin tí ẹ ń gbọ́ fi máa ń dún bíi ti rédíò àtijọ́ lójijì nígbà tí ẹ bá wọ ìpàdé.

Nínú ọ̀nà ìpè náà, ìwọ̀n méjì ló wọ́pọ̀. Èyí tó há jù ń wọn ohùn nígbà 8,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì lè gbé ìró kankan tó bá kọjá 4,000 Hz. Èyí tó fẹ̀ díẹ̀ ń wọ̀n ọ́n nígbà 16,000, ó sì lè gbé ìró dé nǹkan bí 7,000 Hz. Ìró /s/ àti /f/ ní èdè wa fi ọ̀pọ̀ agbára wọn sí òkè 4,000 Hz. Ìró /ṣ/ bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ jù wọ́n lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń là á já. Ohùn ọ̀rọ̀, ìyẹn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, wà nísàlẹ̀ gan-an, òun náà ń là á já. Ẹni tó ń gbọ́ yín yóò máa gbọ́ orin ọ̀rọ̀ yín pé pérépéré, ṣùgbọ́n kò ní mọ̀ bóyá ẹ sọ pé "wọ́n fẹ́ ẹ" ni tàbí "wọ́n sẹ́ ẹ". Ẹ wo irú aáwọ̀ tí ìyẹn lè dá sílẹ̀ nínú ìpàdé.

Ohun tí a ti gé kúrò nínú ìsopọ̀ kò sí mọ́. Kò sí bí ẹ ṣe lè fa ìwọ̀n ohùn sókè tó máa padà, kò sì sí áàpù tó ń tún ohùn ṣe tó lè mú un wá gẹ́gẹ́ bó ti rí. Bákan náà, àwọn orúkọ ńláńlá tí wọ́n ń kọ sára páálí hẹ́dísẹ́ẹ̀tì, bíi aptX àti LDAC, ọ̀rọ̀ ọ̀nà orin ni wọ́n sábà ń sọ. Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì olówó gọbọi tó ní LDAC lè ní máìkì tó dí ju ti olówó pọ́ọ́kú tó ní okùn lọ. Mi ò sọ èyí láti ta ko ohun tí ẹnikẹ́ni rà. Ó kàn jẹ́ pé owó yẹn lọ sí etí, kò lọ sí ẹnu.

Ẹ wo iye tí kọ̀ǹpútà yín ń lò. Lórí Windows 11, ẹ lọ sí `Settings`, `System`, `Sound`, kí ẹ tẹ orúkọ hẹ́dísẹ́ẹ̀tì lábẹ́ `Input`, kí ẹ sì wo `Format`. Lórí Mac, ẹ ṣí `Audio MIDI Setup`, kí ẹ yan máìkì hẹ́dísẹ́ẹ̀tì náà lápá òsì. Bí ẹ bá rí 8000 Hz, ìyẹn ìwọ̀n tó há jù yẹn, ẹ ti mọ ibi tó ti ń ṣe yín. Bó bá jẹ́ 16000 Hz tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ohùn sì ṣì dí, ẹ padà sí ọ̀rọ̀ fóòmù àti ihò, tàbí kí ẹ fura sí ètò tó ń pa ariwo.

Oògùn ohùn tó dí

Oògùn tó yá jù ni pé kí ẹ pín iṣẹ́ náà sí méjì: kí hẹ́dísẹ́ẹ̀tì máa gbọ́, kí máìkì mìíràn máa sọ. Nínú áàpù ìpàdé, ẹ yan hẹ́dísẹ́ẹ̀tì fún `Speaker`, kí ẹ sì yan máìkì kọ̀ǹpútà, tàbí máìkì olókùn, fún `Microphone`. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò bá ṣí máìkì hẹ́dísẹ́ẹ̀tì, ìsopọ̀ á dúró sórí ọ̀nà orin, ohùn tí ẹ ń gbọ́ náà á sì mọ́. Lórí Windows 10, hẹ́dísẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo máa ń fara hàn lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀kan ní `Stereo` lára orúkọ rẹ̀, èkejì ní `Hands-Free`. Èyí tó ní `Stereo` ni kí ẹ yàn fún gbígbọ́. Bí ẹ bá yan `Hands-Free`, ẹ ti padà sí ọ̀nà tó há nìyẹn, ì báà tiẹ̀ jẹ́ máìkì mìíràn ni ẹ̀ ń lò.

Ẹ tún rí i dájú pé kò sí áàpù mìíràn tó di máìkì hẹ́dísẹ́ẹ̀tì náà mú lábẹ́lẹ̀. Áàpù ìpàdé kejì tí ẹ gbàgbé láti tì, tàbí ojú ìwé kan nínú búráúsà tó ti gba àṣẹ máìkì, tó fún un láti fa gbogbo ìsopọ̀ náà wọ ọ̀nà ìpè.

Bó bá di dandan kí ẹ lo máìkì hẹ́dísẹ́ẹ̀tì, bóyá nítorí pé ibi tí ẹ wà ní ariwo, ohun tí ẹ ń wá ni bí yóò ṣe kúrò ní 8,000 bọ́ sí 16,000 ó kéré tán. Ẹ gba àtúnṣe tuntun fún Bluetooth láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ sì gba ti hẹ́dísẹ́ẹ̀tì láti inú áàpù ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ hẹ́dísẹ́ẹ̀tì kúrò pátápátá nínú àkójọ Bluetooth, kí ẹ sì tún un so láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì, torí pé àdéhùn àtijọ́ láàárín àwọn ẹ̀rọ méjèèjì lè máa bá a lọ bí ẹ ò bá fà á ya.

Fún ẹni tó ń lo Linux, ẹ fi àṣẹ àkọ́kọ́ yìí wo orúkọ hẹ́dísẹ́ẹ̀tì àti àwọn ọ̀nà tó ní, kí ẹ wá ìlà tó sọ pé `codec mSBC`, ìyẹn ìwọ̀n 16,000, kí ẹ fi orúkọ hẹ́dísẹ́ẹ̀tì yín rọ́pò `bluez_card.XX_XX_XX_XX_XX_XX` nínú àṣẹ kejì, kí ẹ sì fi orúkọ ọ̀nà tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà sí òpin rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ yìí, `headset-head-unit` ni:

```
pactl list cards
pactl set-card-profile bluez_card.XX_XX_XX_XX_XX_XX headset-head-unit
```

Ọ̀nà kẹta ti ń bọ̀ wá, ó sì dára jù wọ́n lọ: LE Audio. Òun lè gbé ohùn máìkì tó fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ dáadáa. Bí kọ̀ǹpútà Windows 11 yín bá ní i, ẹ óò rí `Use LE Audio when available` nínú ètò Bluetooth, níbi `Devices`. Ẹ tàn án. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà àti hẹ́dísẹ́ẹ̀tì ló gbọ́dọ̀ ní i, àwọn méjèèjì. Bó bá jẹ́ ọ̀kan péré ló ní i, wọn á padà sí ọ̀nà àtijọ́ láìsọ fún yín.

Ohùn tó ń lọ sókè sódò

Ètò tó ń wọn ohùn fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ báyìí: ó ń fetí sí bí ohùn ti pọ̀ tó ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan sẹ́yìn. Bó bá kéré, á fà á sókè. Bó bá pọ̀, á tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá dákẹ́, kò mọ̀ pé ẹ̀ ń ronú ni; ó rò pé ohùn yín ti kéré, á sì máa fà á sókè títí yóò fi gbé ariwo fáànù yàrá dìde. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá wá sọ á bú gbàù, ètò náà á ta gìrì, á sì tẹ̀ yín mọ́lẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Gbogbo ìyẹn ṣì ṣeé fara dà bó bá jẹ́ ọ̀kan péré. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí hẹ́dísẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀, tí Windows ní tirẹ̀, tí áàpù ìpàdé náà sì ní tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá fà á sókè, òmíràn á tẹ̀ ẹ́, èkínní á tún fà á.

Ọ̀kan ṣoṣo ni kí ó kù. Ti inú hẹ́dísẹ́ẹ̀tì ni ẹ kò sábà ní lè pa, nítorí náà òun ni kí ẹ fi sílẹ̀. Lórí Windows 11, níbi tí ẹ ti rí `Format` lẹ́ẹ̀kan, ẹ pa `Audio enhancements`. Nínú Zoom, ẹ lọ sí `Settings`, `Audio`, kí ẹ sì yọ àmì kúrò lára `Automatically adjust microphone volume`. Nínú Teams, èyí tó jọ ọ́ wà ní `Settings`, `Devices`, orúkọ rẹ̀ ni `Automatically adjust mic sensitivity`. Ìpè tí a ń ṣe nínú búráúsà sábà máa ń ní tirẹ̀ lábẹ́nú, láìsí bọ́tìnnì tó hàn. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ẹ ti ń ṣèpàdé, ti Windows ni kí ẹ rí i dájú pé ẹ pa.

Nígbà tí ẹ bá ti pa wọ́n, ẹ̀yin ni ẹ ó máa wọn ohùn fúnra yín. Ẹ fi ìwọ̀n máìkì sí nǹkan bí 70, kí ẹ sọ̀rọ̀ ní ohùn tó ga jù tí ẹ máa ń lò nínú ìpàdé, ìyẹn ohùn ẹ̀rín tàbí ti ìjiyàn, kí ẹ sì wo ìlà tó ń fò. Kó má kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bó bá ń kan òpin, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ohùn jẹ́jẹ́ wọ̀n ọ́n, ẹ̀rín àkọ́kọ́ nínú ìpàdé á sì ti fọ́ yángá.

Ètò tó ń pa ariwo tẹ̀ lé e. Kò yẹ kí ẹ pa á pátápátá bí ariwo bá wà láyìíká yín, ṣùgbọ́n ẹ fi í sí `Low` níbi tí yíyàn bẹ́ẹ̀ bá wà. Ètò yìí ń fi ohùn wé ohun tó mọ̀ sí ohùn èèyàn. Ohùn tó ti gba ọ̀nà 8,000 kọjá kò pé mọ́, kò sì rọrùn fún un láti dá a mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ohùn tó dí fi máa ń di ohùn tó ń pòórá náà, tí àwọn ẹ̀sùn méjèèjì fi máa ń rìn pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ tún ìsopọ̀ ṣe, ẹ lè wá rí i pé ohùn tó ń pòórá ti lọ fúnra rẹ̀. Lórí Mac, ẹ wo `Mic Mode` nígbà tí ìpè bá ń lọ lọ́wọ́. Bí `Voice Isolation` bá ń gé ìparí ọ̀rọ̀ yín, ẹ dá a padà sí `Standard`.

Wọ́n tún máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n lọ sí `Communications` nínú ètò ohùn Windows, kí wọ́n yan `Do nothing`. Ìyẹn kàn ń dá Windows dúró láti rẹ orin àti àwọn ìró mìíràn sílẹ̀ nígbà tí ìpè bá wọlé. Kò kan ohùn tí àwọn ẹlòmíràn ń gbọ́ láti ẹnu yín.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ń já

Bluetooth àti Wi-Fi 2.4 GHz ń pín afẹ́fẹ́ kan náà. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà lọ sórí Wi-Fi 5 GHz bí ráútà bá ní i, tàbí kí ẹ fi okùn so ó. Ẹ mú dísíìkì ìta tó ń lo USB 3.0 jìnnà sí ibi tí ẹ ki ẹ̀rọ Bluetooth kékeré bọ̀, torí pé òun náà ń da afẹ́fẹ́ yẹn rú. Ẹ pa Bluetooth orí fóònù bí hẹ́dísẹ́ẹ̀tì bá so mọ́ fóònù àti kọ̀ǹpútà pọ̀. Bátìrì tó kù díẹ̀ náà ń fa irú èyí.

Bí ó ṣe lọ fún olùkọ́ kan

Ẹ jẹ́ ká mú olùkọ́ kan tó ń kọ́ni lórí Zoom pẹ̀lú hẹ́dísẹ́ẹ̀tì Bluetooth ńlá àti kọ̀ǹpútà Windows 11. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ohùn rẹ̀ dí, ó sì máa ń rọlẹ̀ nígbà tó bá yíjú sí pátákó. Nínú agbohùnsílẹ̀, "fẹ́" àti "sẹ́" dún bákan náà, "oókànlá" sì bú jáde. Híha èékánná fi hàn pé máìkì hẹ́dísẹ́ẹ̀tì ló ń lò lóòótọ́. `Format` sọ pé 8000 Hz.

Ó gba àtúnṣe tuntun, ó yọ hẹ́dísẹ́ẹ̀tì, ó tún un so. Kò yí padà. Ẹ̀rọ Bluetooth inú kọ̀ǹpútà náà ti dàgbà. Ó wá pín iṣẹ́ náà: hẹ́dísẹ́ẹ̀tì fún gbígbọ́, máìkì kọ̀ǹpútà fún sísọ. Lójú ẹsẹ̀, "sẹ́" padà di "sẹ́". Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn kejì le sí i. Máìkì kọ̀ǹpútà wà ní nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà sí ẹnu rẹ̀, bó bá sì yíjú sí pátákó, ó di ìlọ́po méjì ìyẹn. Zoom ń fà á sókè láti dí àlàfo náà, á sì gbé ìró àga àti fáànù wọlé pẹ̀lú rẹ̀, nígbà tó bá sì yíjú padà, ohùn rẹ̀ á bú.

Ó pa `Audio enhancements`, ó yọ àmì `Automatically adjust microphone volume`, ó sì fi ìwọ̀n sí ibi tí ohùn ìkọ́ni rẹ̀ ti dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ohùn rẹ̀ dúró sójú kan nígbà tó bá jókòó, kò sì bú mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá yíjú sí pátákó, ó ṣì ń rọlẹ̀, nítorí pé kò sí ètò tó lè sún máìkì mọ́ ẹnu. Ohun tó kù fún un ni máìkì kékeré olókùn tó ṣeé há mọ́ ọrùn aṣọ, èyí tó ń bá ẹnu rìn. Ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó yàn án ní `Microphone`, ó fi hẹ́dísẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní `Speaker`. Nítorí pé máìkì tuntun náà sún mọ́ ẹnu ju ti kọ̀ǹpútà lọ, ó ní láti rẹ ìwọ̀n sílẹ̀ láti 80 sí 55 kí ìlà tó yé kan òpin.